Ọjà Ọrọọrún: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìbéèrè Ìdánwò Tó Ń Ṣe Ojúsàájú

Ẹ wo ìbéèrè ìṣirò yìí, irú èyí tí wọ́n máa ń bi àwọn ọmọ tó fẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí girama:

"Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń ná ọjà kan. Tí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni wọ́n máa tún un ná? (A) Ọjọ́bọ̀ (B) Ẹtì (D) Àbámẹ́ta (E) Àìkú."

Olùkọ́ tó kọ ìbéèrè yìí ti fi ìdáhùn rẹ̀ pa mọ́: Ajé, ẹ fi márùn-ún kún un, ó di Àbámẹ́ta. Kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ìyá àgbà kan tó ti ná ọjà ọrọọrún rí. Ó máa ka ọjọ́ Ajé gan-an mọ́ ọn: Ajé ni ìkíní, Ìṣẹ́gun ìkejì, Ọjọ́rú ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ìkẹrin, Ẹtì ìkarùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà pé, ó tán.

Ìyá àgbà yẹn ò ṣìṣe o. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà sì máa ń wà nínú iye náà. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Òun náà ló fà á tí ọjọ́ tó ṣáájú àná fi ń jẹ́ ìjẹta: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Torí náà, ọmọ tó gbọ́ "ọjọ́ márùn-ún márùn-ún" tó sì rántí ọrọọrún lè mọ ìṣirò dáadáa kó sì tún kùnà ìbéèrè yìí. Nínú ìwé èsì, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Báwo la ṣe ń yẹ àká ìbéèrè wò, ìyẹn ibi tí a kó ìbéèrè jọ sí ká lè máa mú nínú wọn fún ìdánwò, kí irú ìbéèrè báyìí má bàa jẹ ọmọ ẹlòmíì níyà? Ìbéèrè ọjà yìí náà la máa mú lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àyẹ̀wò kìíní: fi ojú kà á

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí ìbéèrè náà fẹ́ mọ̀. Ní apá kejì, ẹ kọ gbogbo ohun mìíràn tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó lè dáhùn. Tí ohun kan bá wà ní apá kejì tí kì í ṣe ara ẹ̀kọ́ tí à ń dán wò, tí kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n, ẹ fa igi sábẹ́ ẹ̀.

Kósọ̀fẹ́ nìkan ti tó láti fi rí i bí apá kejì yẹn ṣe lè gùn tó. Ọmọ tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì ní Mágodò, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Máìlì 12, àti ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Àgbóyì, gbogbo wọn lè jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà. Tí ìbéèrè bá ní ẹnì kan wọ ẹ̀rọ agbéniròkè láti àjà kẹta lọ sí àjà kẹsàn-án, ó dẹrùn fún ọmọ tó ti wọ̀ ọ́ rí. Tí wọ́n bá bi ọmọ pé kí ló dé tí ọkọ̀ ojú omi fi ń rì sísàlẹ̀ díẹ̀ tí èrò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ Àgbóyì ti rí ìdáhùn yẹn lójú ayé kó tó dé kíláàsì.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí ni pé ìbéèrè tó kún fún nǹkan ilé wa náà lè ṣe ojúsàájú. Ẹni tó bá sá fún yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lè kọ ọ́ báyìí: "Ìyá Ṣadé ra kóńgò ìrẹsì kan. Dẹ́ríkà mélòó ló rà?" Àṣà wa nìyẹn, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè náà ò dán ìṣirò wò rárá. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá ọmọ ti dúró ti ẹni tó ń wọn ìrẹsì rí. Tí a bá kọ iye dẹ́ríkà tó wà nínú kóńgò sínú ìbéèrè fúnra rẹ̀, ìmọ̀ ọjà bọ́ kúrò ní apá kejì, ìṣirò nìkan ló kù.

Ìbéèrè ọjà ọrọọrún ṣòroó mú pẹ̀lú ojú lásán, torí kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí à ń gbà ka ọjọ́ ló fara pa mọ́ síbẹ̀. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè Làìbéríà, nígbà tí Michael Cole, John Gay, Joseph Glick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣèwádìí láàárín àwọn Kpelle. Wọ́n kó ogún nǹkan sílẹ̀, oúnjẹ, irinṣẹ́, aṣọ àti ohun èlò ìkóǹkansí, wọ́n ní kí àwọn èèyàn pín àwọn tó jọra sójú kan. Àwọn olùwádìí ń retí kí oúnjẹ wà pẹ̀lú oúnjẹ, kí irinṣẹ́ wà pẹ̀lú irinṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ sì ń fi ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn, torí ọ̀bẹ la fi ń gé ọsàn. Ọ̀kan nínú wọn ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá bi í pé báwo ni òmùgọ̀ ṣe máa ṣe é, ó pín gbogbo ẹ̀ bí àwọn olùwádìí ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe látilẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún un ni irú ọgbọ́n tí wọ́n ń wá. Wọ́n ṣe ìtẹ̀jáde iṣẹ́ náà ní 1971.

Torí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló yẹ kó ka àká ìbéèrè. Ẹ wá olùkọ́ tí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà yàtọ̀ sí tiyín, ẹ jẹ́ kó dáhùn ìbéèrè náà láì rí ìdáhùn tí ẹ kọ sílẹ̀. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá mú ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú sì ní ìdí tó yè kooro, ẹ ti rí ìṣòro yẹn kí ọmọ kankan tó fara gbá a.

Àyẹ̀wò kejì: jẹ́ kí èsì sọ̀rọ̀

Ojú kì í rí gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò, a lè fi iye ṣàyẹ̀wò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbé e gba ibi tí kò yẹ. Wọ́n á wo ọ̀wọ́ ọmọ méjì, wọ́n á ní, "Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbà á níhìn-ín, ogójì péré gbà á lọ́hùn-ún, ìbéèrè yìí ń ṣe ojúsàájú." Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ọ̀wọ́ kan ní olùkọ́ tó péye ni, tí ìkejì ò ní. Ìbéèrè tó fi ìyẹn hàn ń sọ òótọ́ ni.

Ohun tó yẹ ká bèèrè ni èyí: tí ọmọ méjì bá mọ ẹ̀kọ́ náà bákan náà, ṣé wọ́n ní àǹfààní kan náà láti gba ìbéèrè yìí? Láti mọ̀ ọ́n, a máa fi máàkì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà nínú odindi ìdánwò náà pín wọn sí ìpele. Lẹ́yìn náà la máa fi ọmọ wé ọmọ nínú ìpele kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Èmi ni mo fúnra mi ṣe àwọn iye yìí fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe èsì ilé ìwé kankan. Ká ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ń sọ Yorùbá nílé, ọgọ́rùn-ún mìíràn sì ń sọ èdè mìíràn, bíi Gẹ̀ẹ́sì, Ígbò tàbí Haúsá. Iye tó gba ìbéèrè ọjà nìyí, nínú iye ọmọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan:

| Ìpele | Èdè mìíràn | Yorùbá |
|---|---|---|
| Ìsàlẹ̀ | 8 nínú 20 | 10 nínú 40 |
| Àárín | 28 nínú 40 | 16 nínú 40 |
| Òkè | 36 nínú 40 | 10 nínú 20 |

Ẹ wo ìpele òkè. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jù ló wà níbẹ̀, nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Síbẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbà á ní apá kan, ìdajì péré sì gbà á ní apá kejì. Àìmọ̀ ìṣirò kọ́ ló lè fa ìyẹn.

Ẹ wá fi wé ìbéèrè mìíràn táwọn ọmọ kan náà ṣe, lórí ìdá. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ìdá mẹ́rin kan ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló gbà á; ní àárín, ìdajì; ní òkè, ìdá mẹ́rin mẹ́ta. Tí a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 55 nínú ọgọ́rùn-ún gbà á ní apá èdè mìíràn, 45 ní apá Yorùbá. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan máa pariwo ojúsàájú. Àmọ́ nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, kò sí ìyàtọ̀ rárá. Àròpọ̀ yàtọ̀ torí pé ogójì ọmọ wà ní ìpele òkè ní apá kan, ogún péré sì wà níbẹ̀ ní apá kejì. Ìbéèrè ìdá ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìkọ́ni ló yẹ ká lọ wò.

Tí ẹ bá fẹ́ fi iye kan ṣoṣo sọ ọ́, ọ̀nà kan wà tí Nathan Mantel àti William Haenszel gbé jáde ní 1959 fún ìwádìí lórí àìsàn. Nígbà tó di ọdún 1988, Paul Holland àti Dorothy Thayer, tí wọ́n ń bá ETS tó ń ṣètò ìdánwò ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, mú un wọ àyẹ̀wò ìbéèrè. Ó rí báyìí:

```
α = Σ(A × D ÷ N) ÷ Σ(B × C ÷ N)
```

A ni iye ọmọ ọ̀wọ́ kìíní tó gbà á, B ni àwọn tó kùnà nínú wọn. C àti D jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀wọ́ kejì, N sì ni gbogbo ọmọ tó wà ní ìpele náà. Ní ìpele òkè, 36 × 10 ÷ 60 jẹ́ 6, nígbà tí 4 × 10 ÷ 60 jẹ́ nǹkan bíi 0.67. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ ro apá òkè pọ̀, kí ẹ ro apá ìsàlẹ̀ pọ̀: 18.4 ÷ 5.07. Ó jẹ́ nǹkan bíi 3.6.

Tí α bá jẹ́ 1, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjì tí ìmọ̀ wọn bára mu. Lórí òṣùwọ̀n ETS, ìbéèrè tí α rẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 1.9, tàbí tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 0.53 lọ, wà lára àwọn tí ìyàtọ̀ wọn pọ̀ jù. 3.6 ti ré ibẹ̀ kọjá fíìfíì.

Àmọ́ α ò sọ ìdí fún wa. Ìdáhùn tí wọ́n yàn ló ń tú àṣírí. Ká ní mẹ́wàá tó kùnà ní ìpele òkè ní apá Yorùbá pín káàkiri A, B àti E, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń dà wọ́n láàmú, bóyá Gẹ̀ẹ́sì ìbéèrè náà ló le. Tí mẹ́sàn-án nínú wọn bá mú B, ìyẹn Ẹtì, ọ̀rọ̀ yé wa. Ọ̀nà kíkà kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ibi tí iye lè ti tàn wá jẹ

Kíláàsì kan tó ní ọmọ márùndínlógójì ò tó fún ìṣirò yìí. Tí ẹ bá pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì àti ìpele mẹ́ta, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa kù nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan tó ṣèèṣì mú ìdáhùn tó tọ́ lè yí α padà pátápátá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló yẹ kí ẹ ní. Ilé ìwé mélòó kan ní Kétu àti Ìkòsì tó bá lo ìbéèrè kan náà lè kó èsì wọn jọ.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Àròpọ̀ máàkì la fi ń pín àwọn ọmọ sí ìpele. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wà nínú ìdánwò náà ló ń tẹ̀ sí apá kan, àròpọ̀ náà ti wọ́, gbogbo ìbéèrè á sì dà bíi pé wọ́n dára. Ìṣirò yìí ń mú ìbéèrè tó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Kò lè mú èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ojú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ̀kẹta: ìyàtọ̀ láàárín ibì kan àti ibòmíràn lè má ti ọ̀dọ̀ ìbéèrè wá rárá. Ní oṣù Karùn-ún 2025, JAMB kéde pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì àwọn tó ṣèdánwò ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún tó wà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn jẹ́. Wọn ò tíì fi àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún ibùdó 157. Ó kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997, wọ́n sì pè wọ́n láti tún ìdánwò ṣe. Ẹni tó bá wo máàkì Èkó nìkan nígbà yẹn lè sọ pé àwọn ọmọ ò kàwé, tàbí pé ìbéèrè ló le jù fún wọn. Ìyàtọ̀ wà tí a fi lè dá wọn mọ̀: tó bá jẹ́ ojúsàájú ìbéèrè, ìbéèrè kan tàbí méjì ló máa dá yàtọ̀, àwọn yòókù á wà bí wọ́n ṣe wà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ìbéèrè káàkiri ló máa wó lulẹ̀ ní ibùdó kan náà, títí kan àwọn tó rọrùn.

Àyẹ̀wò kẹta: ìbéèrè tó jẹ́ ìbejì

Ó ku ibì kan tí ìbéèrè búburú máa ń gbà padà wọlé. Ẹ ti rí i pé ìbéèrè ọjà ò dáa, ẹ yọ ọ́. Àmọ́ báwo ni àká ìbéèrè ṣe ń kún ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé? Olùkọ́ kan mú ìbéèrè ọdún tó kọjá, ó yí Ajé sí Ọjọ́rú, ó yí ọjà sí ìpàdé ẹgbẹ́, ó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́ńsáàpù. Olùkọ́ mìíràn yí i sí ọjọ́ tí Chidi máa ń lo oògùn. Ọ̀kan ti di mẹ́ta. Tí ọmọ kan bá bá méjì pàdé nínú ìdánwò kan ṣoṣo, máàkì méjì ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí nǹkan kan náà. Ọmọ tó gbà á náà sì gba máàkì méjì lórí ìmọ̀ kan.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, ó tún le sí i. Nínú UTME, ìbéèrè 180 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ní wákàtí méjì, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rí. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ìbejì bá wà nínú àká, tí ẹnikẹ́ni ò sì fi àmì sí wọn, oríire ló máa pinnu ẹni tó máa bá méjì pàdé.

Ọ̀nà tí a fi ń wá wọn ò le. Ẹ kó gbogbo ìbéèrè sínú fáìlì kan. Nínú ẹ̀dà kan, ẹ fi lẹ́tà X rọ́pò gbogbo orúkọ èèyàn àti orúkọ ọjọ́, kí ẹ fi 0 rọ́pò gbogbo iye. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n wé ara wọn ní méjì méjì:

```python
from difflib import SequenceMatcher
r = SequenceMatcher(None, a, b).ratio()
if r > 0.8:
    print(a, b, r)
```

`a` àti `b` ni ìbéèrè méjì tí à ń fi wéra. 1 túmọ̀ sí pé wọn ò yàtọ̀ rárá. 0.8 tí mo kọ síbẹ̀ kì í ṣe òfin. Tí ìbejì bá ń sá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dín in kù. Lẹ́tà nìkan ni ètò yìí ń wò, kò mọ ìtumọ̀. Ó máa rí ọjà Ajé àti ọjà Ọjọ́rú. Ó ṣeé ṣe kó má rí oògùn Chidi, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Torí náà, ẹ tún fi àmì sára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ìmọ̀ tó ń dán wò, bíi "kíka ọjọ́". Gbogbo ìbéèrè tó bá ní àmì kan náà ni kí ẹ kó jọ, kí èèyàn sì fi ojú kà wọ́n pa pọ̀. Níbẹ̀ náà lẹ máa ti rí oríṣi kejì, ìyẹn ìbéèrè tó ń jẹ́ ìdáhùn fún òmíràn. Bí àpẹẹrẹ, ìbéèrè kan lè sọ pé, "ọjà tó wáyé lọ́jọ́ Ajé tún wáyé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún." Wọn ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan náà.

Kí la máa ṣe sí ìbéèrè ọjà?

Kì í ṣe dandan ká sọ ọ́ nù. Kíka ọjọ́ wà lára ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀. Ohun tó yẹ ká mú kúrò ni àríyànjiyàn lórí ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n ná ọjà kan lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá láì sí ọjà, Ìṣẹ́gun ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wá ná ọjà lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ wo ni?" Ìyá àgbà máa sọ pé Àbámẹ́ta, ọmọ Mágodò náà máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi Ẹtì sílẹ̀ láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n máa yàn nínú rẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Kí ẹ tó ka máàkì rẹ̀ mọ́ ti ọmọ kankan, ẹ kọ́kọ́ fi ìbéèrè tuntun náà dán àwọn ọmọ wò, kí ẹ sì tún ṣí ìpele òkè wò. Tí àwọn tó mú Ẹtì nínú ọ̀wọ́ Yorùbá bá ti dín kù di bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀wọ́ kejì, ẹ dá a padà sínú àká, kí ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìbejì ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ń mú Ẹtì, gbólóhùn náà ò tíì tọ́. Ẹ lọ tún un kọ.